Sítétímẹ́ǹtì báńkì tí wọ́n yà ní àwòrán: ṣé kí a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rọ kà á, àbí kí a padà sí báńkì?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé owó. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: wọ́n fún yín ní sítétímẹ́ǹtì báńkì tó ní ojú ìwé mélòó kan, wọ́n ti yà á bí àwòrán sínú PDF, olùṣàyẹ̀wò owó sì fẹ́ rí gbogbo ìwọlé àti ìjáde owó nínú Excel, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ta kajú ní Kàbà tàbí Mọ̀pà máa ń bá irú iṣẹ́ yìí pàdé lẹ́yìn ìgbà kajú, nígbà tí owó ti wọlé, tó sì ti jáde láìmọye ìgbà láàrin oṣù mélòó kan.

Ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà. Ẹ lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ ka àwòrán náà, ẹ sì lè padà sí báńkì lọ gba fáìlì tí kì í ṣe àwòrán. A ó fi wọ́n wéra, àmọ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la ó fi wọ̀n wọ́n: ṣé bálánsì ń bá ara rẹ̀ mu láti ìlà àkọ́kọ́ ojú ìwé kìíní títí dé ìlà tó kẹ́yìn? Bí ọ̀nà kan bá yá ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí bálánsì rẹ̀ wá já láàrin, kò sí ohun tí olùṣàyẹ̀wò lè fi í ṣe.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ ṣí PDF náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi máòsì wọ́ orí iye owó kan bí ẹni tó fẹ́ dà á kọ. Bó bá mú nọ́ńbà yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ gidi wà nínú fáìlì náà. Bó bá mú odindi ojú ìwé bíi fọ́tò, tàbí tí kò mú nǹkan kan, àwòrán lásán ni. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé irinṣẹ́ bíi Tabula tàbí `pdftotext` kì í ka àwòrán rárá. Òfìfo ni wọ́n máa dá padà, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé irinṣẹ́ náà ti bàjẹ́.

Ọ̀kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn ẹ̀rọ ayàwé mìíràn máa ń ka àwòrán fúnra wọn, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Máòsì á mú nọ́ńbà, àmọ́ nọ́ńbà tó mú lè má jẹ́ èyí tójú ń rí. Ẹ da iye owó márùn-ún tàbí mẹ́fà kọ síbòmíràn, kí ẹ fi wé ohun tó wà lójú ìwé. Bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀, ẹ ka gbogbo fáìlì náà sí àwòrán.

| | Fífọwọ́ tẹ̀ | Ẹ̀rọ akàwòrán | Fáìlì láti báńkì |
|---|---|---|---|
| Ibi tó ti dára | Ojú ìwé díẹ̀, tàbí ìwé tó ti ṣú tàbí tí òǹtẹ̀ bò | Ojú ìwé púpọ̀, ìtẹ̀wé tó mọ́ | Ibikíbi tí ẹni tó ni àkáǹtì bá ti lè bèèrè |
| Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ | Fífo ìlà, yíyí nọ́ńbà méjì padà | Nọ́ńbà tó jọra, àmì ìdá tó sọnù | Àlàyé tó ya sí ìlà méjì |
| Ohun tó ń gbà | Èèyàn méjì àti sùúrù | Kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ àṣẹ díẹ̀ | Ìwé ìbéèrè àti àsìkò |

## Fífọwọ́ tẹ̀ ẹ́

Ẹni méjì ni kó ṣe é. Ọ̀kan á fi rúlà sábẹ́ ìlà, á máa kà á sókè. Èkejì á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka iye owó tó wọlé tàbí tó jáde, kí ẹ sì ka bálánsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: iye owó nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á ní kí Excel bá wọn ṣírò bálánsì. Bálánsì tí Excel ṣírò kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun, torí inú nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ ló ti wá. Bálánsì tó wà lórí ìwé ni ẹlẹ́rìí tí báńkì fún yín; ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Ọ̀nà yìí ń gba àkókò, àmọ́ kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún ìwé tí wọ́n ti ká sí wẹ́wẹ́, èyí tí òǹtẹ̀ báńkì bo ìlà mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi fóònù yà lábẹ́ òjìji. Ojú èèyàn máa ń rí nọ́ńbà lábẹ́ òǹtẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ kì í ti rí i. Àárẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ojú ìwé kan bá ní ìlà ọgbọ̀n, ẹ ṣe é tán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó ṣí èyí tó kàn.

## Jíjẹ́ kí ẹ̀rọ kà á

Tesseract ni ẹ̀rọ akàwòrán tí a lè dúró lé níbí. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi í sórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Àǹfààní kejì ni pé sítétímẹ́ǹtì kò kúrò lọ́dọ̀ yín. Àwọn ojúlé ọ̀fẹ́ tó ní kí ẹ kó PDF wá káwọn yí i padà fún yín ń gba orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ gbogbo ẹni tó fowó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò yẹ kó débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan di àwòrán tirẹ̀, kí ẹ tó ní kí ẹ̀rọ kà á:

```
pdftoppm -r 300 -gray -png iwe.pdf oju
tesseract oju-1.png oju-1 --psm 6 tsv
```

Ẹ tún àṣẹ kejì kọ fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ìwé bá pé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, `oju-01.png` ni orúkọ àwòrán àkọ́kọ́ á jẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 300 yẹn ni iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan. Bó bá kéré púpọ̀ sí i, àmì ìdá tó wà láàrin náírà àti kọ́bọ̀ á parẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwòrán tí wọ́n yà ní àkọ́kọ́ kò mọ́, kò sí iye tí ẹ kọ síbẹ̀ tó lè tún un ṣe; ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. `--psm 6` ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó ka ojú ìwé bí odidi kan, láti òsì sí ọ̀tún, ní ìlà-ìlà. Láìsí i, ó lè ka òpó déètì tán kó tó padà wá ka òpó owó, ìlà kò sì ní bára mu mọ́.

Ọ̀rọ̀ `tsv` tó wà ní ìparí ni kí ẹ má gbàgbé. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ lásán, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì ní ìparí ìlà, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ jẹ́ owó tó wọlé tàbí tó jáde, torí òpó tó ṣófo kò fi àmì kankan sílẹ̀. Fáìlì `tsv` ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lójú ìwé, lábẹ́ `left` àti `width`. Ẹ ro méjèèjì pọ̀ kí ẹ lè mọ etí ọ̀tún nọ́ńbà. Etí ọ̀tún ni kí ẹ lò, torí báńkì máa ń to iye owó kí wọ́n bára dọ́gba lápá ọ̀tún: 50.00 àti 85,000.00 kò bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n parí sí.

Àṣìṣe ẹ̀rọ kò jọ ti èèyàn. Ó máa ń ka 8 sí 3, ó ń ka 7 sí 1, ó ń ka òdo sí lẹ́tà O, ó sì ń sọ 53.75 di 5375. Nígbà míì, ìlà tínrín tí wọ́n fà láàrin òpó ló máa kà sí 1, tá á sì lẹ̀ mọ́ iwájú nọ́ńbà.

## Gbígba fáìlì láti báńkì

Èyí ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àwòrán. Àwọn tó ní àṣẹ lórí àkáǹtì ló lè béèrè, torí náà bí ẹgbẹ́ bá ní àwọn afọwọ́síwèé méjì, ìwé ìbéèrè ní láti ní ọwọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ sọ pé PDF tí ẹ̀rọ báńkì fúnra rẹ̀ ṣe, tàbí ti Excel, lẹ fẹ́ lórí ímeèlì. Bí ẹ bá kàn ní «ẹ fún wa ní sítétímẹ́ǹtì», wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, ẹ sì ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà inú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í yí padà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àlàyé gígùn tó ya sí ìlà méjì, tí ìlà kejì kò ní owó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ti òkè rẹ̀.

## Ìdánwò tó ń fi ọwọ́ àṣìṣe hàn

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ to Excel báyìí: A fún déètì, B fún àlàyé, C fún owó tó jáde, D fún owó tó wọlé, E fún bálánsì tí ìwé kọ. Ẹ fi bálánsì ìbẹ̀rẹ̀ sí E2. Ní F3, ẹ kọ èyí, kí ẹ fà á sísàlẹ̀:

```
=ROUND(E3-(E2-C3+D3),2)
```

Òdo ló gbọ́dọ̀ jáde ní ìlà gbogbo. `ROUND` wà níbẹ̀ torí pé kọ̀ǹpútà máa ń fi ìdá kékeré tí kò ṣeé fojú rí sílẹ̀ nígbà tó bá ń yọ kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ `#VALUE!` lẹ rí, lẹ́tà tàbí àlàfo wà nínú nọ́ńbà ìlà yẹn tàbí nínú bálánsì ìlà òkè rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ka òdo sí O.

Àwọn kan máa ń ro gbogbo owó tó wọlé, wọ́n á yọ gbogbo èyí tó jáde, wọ́n á sì fi èsì wé bálánsì ìkẹyìn nìkan. Ìyẹn lè sọ pé àṣìṣe wà, kò lè sọ ibi tó wà. Bí ojú ìwé bá pé mẹ́wàá, ọjọ́ kan á lọ lórí wíwá a. Ìdánwò ìlà-ìlà máa ń tọ́ka sí ìlà náà gan-an, ìrísí nọ́ńbà tó bá jáde sì ń sọ irú àṣìṣe tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kejì sítétímẹ́ǹtì kan, oṣù kẹta ọdún 2025. Àpẹẹrẹ la ṣe é, àmọ́ owó iṣẹ́ báńkì inú rẹ̀ jẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á nígbà yẹn.

| Ìlà | Àlàyé | Jáde | Wọlé | Bálánsì |
|---|---|---|---|---|
| 0 | BALANCE B/F | | | 312,480.50 |
| 1 | Owó kajú fún àgbẹ̀ | 85,000.00 | | 227,480.50 |
| 2 | Owó iṣẹ́ báńkì | 53.75 | | 227,426.75 |
| 3 | Owó láti ọwọ́ oníbàárà | | 40,000.00 | 267,426.75 |
| 4 | Owó orí ìfowóránṣẹ́ | 50.00 | | 267,376.75 |
| 5 | Owó ọkọ̀ akẹ́rù | 18,500.00 | | 248,876.75 |
| 6 | Owó iṣẹ́ báńkì | 26.88 | | 248,849.87 |

Ká ní ẹ̀rọ ka 18,500 ìlà 5 sí 13,500. F á fi −5,000 hàn ní ìlà 5 nìkan, ìlà 6 á padà sí òdo. Ìlà kan ṣoṣo tó yapa sábà máa ń túmọ̀ sí pé bálánsì tọ́: iye owó ni kò tọ́, tàbí kó jẹ́ pé ìlà kan ti sọnù lókè rẹ̀.

Ká ní bálánsì ìlà 3 ló ṣì kà, tó sọ 267,426.75 di 261,426.75. Ìlà 3 á fi −6,000 hàn, ìlà 4 á fi 6,000 hàn. Méjì tó tẹ̀ léra, tó dọ́gba, tí àmì wọn lòdì síra, bálánsì tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú wọn ni kí ẹ lọ wò. Ẹ má fọwọ́ kan iye owó.

Bí 40,000 ìlà 3 bá bọ́ sí òpó owó tó jáde, 80,000 ló máa jáde. Ẹ pín ìyàtọ̀ sí méjì. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ iye tó wà ní ìlà yẹn, ó ti bọ́ sí òpó tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹni tó ń tẹ̀ bá yí 18,500 padà sí 15,800, ìyàtọ̀ á jẹ́ 2,700, tó ṣeé pín sí ọ̀nà mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù. Bí yíyí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ra padà ṣe máa ń rí nìyẹn, àfi pé àṣìṣe mìíràn náà lè pín sí mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀. Bí àmì ìdá bá sọnù nínú 53.75, ìyàtọ̀ á jẹ́ 5,321.25, ìyẹn 53.75 lọ́nà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Ìlà tó sọnù ló rọrùn jù láti mọ̀. Bí wọ́n bá fo ìlà 2, ìlà 3 á fi −53.75 hàn. Ẹni tó mọ owó iṣẹ́ báńkì á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: nígbà yẹn, ó jẹ́ ₦50 fún owó tó ju ₦50,000 lọ tí wọ́n fi ránṣẹ́, pẹ̀lú owó orí ọjà 7.5% lórí ₦50 yẹn. Bákan náà, 26.88 jẹ́ ₦25 àti owó orí tirẹ̀. Àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyí ni ojú máa ń fò, torí wọ́n tẹ̀ lé ìlà ńlá, àlàyé wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti òkè wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ìlà, ẹ padà sí àwòrán lọ wo nọ́ńbà náà kí ẹ tó yí i padà. Ẹ má fi ìṣirò nìkan tún un ṣe. Bí ẹ bá kàn fi 5,000 kún un kí òdo lè jáde, ẹ lè ti fi owó kan bo òmíràn.

## Ibi tí ojú ìwé ti pàdé

Ìlà `BALANCE B/F` tó wà lókè ojú ìwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa rẹ́, àwọn mìíràn sì máa ń kà á mọ́ owó tó wọlé. Méjèèjì kò dára. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ààyè rẹ̀, bálánsì rẹ̀ nínú E, kí C àti D ṣófo. Ìṣirò F á wá fi í wé bálánsì tó parí ojú ìwé tó ṣáájú. Bó bá jẹ́ òdo, ojú ìwé méjèèjì ti fọwọ́ kọ́ ara wọn. Ẹ fi òpó kan kún un fún nọ́ńbà ojú ìwé, kí ẹ lè yọ àwọn ìlà B/F kúrò nígbà tí ẹ bá ń gbé e fún olùṣàyẹ̀wò. Báńkì tí kì í kọ B/F kò dá nǹkan dúró: ìlà àkọ́kọ́ ojú ìwé tuntun á lo bálánsì ìkẹyìn ti àtijọ́.

Bí F kò bá jẹ́ òdo ní oríkèé, ìyẹn ibi tí ojú ìwé méjì ti pàdé, ẹ wo iye oríkèé tó yapa. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ojú ìwé kan ti sọnù tàbí wọ́n ti ya ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjì. Nọ́ńbà ojú ìwé tó wà nísàlẹ̀ á sọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mẹ́ta, tí àròpọ̀ ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ òdo, kò sí ohun tó sọnù: ojú ìwé méjì ló pààrọ̀ ààyè. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi fóònù ya bébà tó ti tú.

Bí gbogbo ìlà bá yapa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wo déètì. Báńkì mìíràn máa ń fi ọjọ́ tó dé kẹ́yìn sókè. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà kí èyí tó pẹ́ jù wà lókè, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe.

## Ohun tí bálánsì kò lè rí

Ìfowóránṣẹ́ tí kò lọ, tí báńkì dá padà, máa ń di ìlà méjì: 10,000 jáde, 10,000 wọlé. Bí ẹ bá fo méjèèjì, bálánsì á ṣì bára mu láìsí àbùkù, F á jẹ́ òdo, owó méjì kò sì ní sí nínú ìwé yín. Nítorí náà, ẹ ka iye ìlà ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán, kí ẹ fi wé ti Excel. Bí báńkì bá kọ àròpọ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ fi wé àròpọ̀ C àti D. Ibẹ̀ ni irú ìlà méjì bẹ́ẹ̀ ti máa ń jáde síta.

Bálánsì kò mọ déètì, kò sì mọ orúkọ. Bí ẹ̀rọ bá ka 03/03 sí 08/03, òdo ni F á máa fi hàn. Ẹ fojú wo déètì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá padà sẹ́yìn tàbí tó fò síwájú láàrin àwọn yòókù ni kí ẹ yẹ̀ wò.

## Èwo ni kí ẹ yàn?

Bí àkáǹtì bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ yín, tí àsìkò sì wà, ẹ gba fáìlì láti báńkì. Bí kò bá ṣeé ṣe, tí ojú ìwé kò ju márùn-ún lọ, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: àkókò tí ẹ ó fi to ẹ̀rọ àti èyí tí ẹ ó fi tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe á ju ti ìtẹ̀ lọ. Bó bá ti pé mẹ́wàá, tí ìtẹ̀wé sì mọ́, ẹ̀rọ ni kí ẹ lò. Fún iye tó wà láàrin márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ fún ẹ̀rọ ní ojú ìwé kan ṣoṣo, èyí tó dọ̀tí jù. Bí ìlà tó yapa nínú F bá ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́wàá, ẹ pe ẹni kejì, ẹ gbé rúlà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Ìwé tó dọ̀tí ní ibì kan, tó mọ́ níbòmíràn, kò ní kí ẹ yan ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ka èyí tó mọ́, kí ẹ fọwọ́ tẹ ojú ìwé tí òǹtẹ̀ bò, kí ẹ sì to gbogbo rẹ̀ sínú Excel kan náà lábẹ́ òpó F kan ṣoṣo. Oríkèé tó wà láàrin ojú ìwé tí ẹ̀rọ kà àti èyí tí ẹ tẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ìlà ìkẹyìn ojú ìwé ti máa ń ṣubú sílẹ̀.